Bí a ṣe ń fi ohùn àpèjúwe sí fídíò: igbá fínfín Ọ̀yọ́ la fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹni tí kò ríran lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohùn àpèjúwe ni ohùn kejì tí a ń fi sínú fídíò níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, tí ń sọ ohun tó jẹ́ pé ojú nìkan ló lè rí i: ẹni tó wọlé, ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán. Àwọn tí ojú wọn ṣì ń ríran díẹ̀ náà ń lò ó, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí i pé ènìyàn wà níbẹ̀ láìrí ohun tó mú dání.

Fídíò tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ gùn tó ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Ọjà Akẹ̀sán ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí ìsọ̀ bàbá kan tó ń fín igbá nílùú Ọ̀yọ́, òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin. Àwọn onílù dùndún ló parí rẹ̀. Bàbá ń sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: kọ̀ǹpútà kan, Audacity tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn, ffmpeg tí a fi ń yọ ohùn kúrò lára fídíò tí a sì fi ń dá a padà (ọ̀fẹ́ ni méjèèjì), íápíìsì, àti fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwò ó

Ẹ ṣí fídíò náà, kí ẹ dojú fóònù délẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti béèrè nínú ara yín pé "ta nìyẹn?", "kí ló ń dún?", "níbo la wà?" Àkọsílẹ̀ yìí ni iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹ kò béèrè nígbà tí ẹ kò wò ó, ó ṣeé ṣe kó má nílò àpèjúwe rárá. Bí ọ̀bẹ bá ń ha igbá tí gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ, kò sídìí láti sọ pé ọ̀bẹ ń ha igbá. Ibi tó ń ha ni etí kò lè mọ̀.

Nínú fídíò igbá yìí, ibi tó burú jù ni ibi tí Bàbá ti sọ pé: "Ẹ wò ó, ibí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀." Oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí: "báyìí", "ibí yìí", "ẹ ṣáà ti rí i". Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò já mọ́ nǹkan fún ẹni tí kò rí ọwọ́ tó ń tọ́ka. Ibikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ wọn, ẹ fi àmì síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àpèjúwe ti kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ débá.

Ẹ wọn àlàfo

Ẹ yọ ohùn kúrò lára fídíò:

```
ffmpeg -i igba.mp4 -vn -ac 2 -ar 48000 ohun.wav
```

Ẹ ṣí `ohun.wav` nínú Audacity. Níbi tí Bàbá ti dákẹ́, ìlà ohùn náà máa ń tẹ́. Ẹ fi máòsì fa ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ tẹ Ctrl+B, kí ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ lo `Export Labels`, yóò sì fún yín ní fáìlì kékeré tó rí báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àlàfo kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá:

```
12.400	18.900	1
34.200	38.400	2
106.000	110.000	3
```

Kì í ṣe gbogbo ibi tí ènìyàn ti dákẹ́ ni àlàfo. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí aṣiṣẹ́ tuntun ti máa ń ṣìṣe jù ni ìlù. Ó gbọ́ dùndún, ó ní orin lásán ni, ó sì da ọ̀rọ̀ lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni: ó ń ki oríkì, ó ń pa òwe, ó ń kí ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí kò ríran yẹn gan-an ló gbọ́ ọ jù nínú ilé. Ìró òkè, ìró àárín àti ìró ìsàlẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀, òun náà sì ni ẹnu fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà bí méjèèjì bá dún pọ̀, wọn a ba ara wọn jẹ́. Nínú fídíò yìí, ìyáàlù sọ̀rọ̀ láti ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 5 títí dé àáyá 17. A kò fọwọ́ kàn án. Láti àáyá 17 sí 23, omele nìkan ló ń dún, tí ìyáàlù sinmi. Àlàfo wa nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè ìlù, ẹ pe onílù kan kó bá yín sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí.

Kíkọ ọ̀rọ̀ tó wọ àlàfo

Ẹ mọ bí ẹnu yín ṣe ń yára tó kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ ka ìwé Yorùbá kan sókè ní ìrọ̀rùn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ka iye sílébù tí ẹ sọ, kí ẹ pín in sí 60. Sílébù 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan la ó lò níbí, nítorí ó fún ẹni tó ń gbọ́ láyè láti fi ojú inú wò ó. Ó sàn láti ka sílébù ju kí a ka ọ̀rọ̀ lọ: ọ̀rọ̀ kan ni "fa", ọ̀rọ̀ kan ni "kéékèèké", ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ sílébù 1, èkejì jẹ́ 5.

Àlàfo kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 12.4, ó parí ní 18.9. Ìṣẹ́jú àáyá 6.5 nìyẹn. A fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ fún etí rẹ̀ méjèèjì kí ohùn má baà gun ohùn, ó ku 6, ìyẹn sílébù 24. Ohun tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Ọkùnrin arúgbó kan tó wọ dàńṣíkí búlúù jókòó sórí àpótí kékeré kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé igbá kan tó ti gbẹ dáadáa lé itan."

Sílébù 51 ni. Yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 13, ìlọ́po méjì àyè tó wà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti kà á kíákíá kó lè wọlé. Bí a bá sáré sọ Yorùbá, àwọn ohùn orí ọ̀rọ̀ a tẹ́, "igbá" a sì fẹ́ jọ "ìgbà". Ọ̀rọ̀ la ń dín kù, a kì í fi kún eré. Kí la lè gé? Búlúù kò yí ohunkóhun padà nínú ìtàn yìí. Ohùn Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ pé àgbàlagbà ni. Ìró ìsọ̀ ti sọ ibi tí a wà. Ohun tó kù ni ìjókòó àti igbá:

"Bàbá kan jókòó sórí àpótí. Ó gbé igbá gbígbẹ lé itan."

Sílébù 20, ìṣẹ́jú àáyá 5. Ó wọlé, ó sì ku àyè mímí.

Àlàfo kejì ni èyí tó tẹ̀lé "ibí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀". Ìṣẹ́jú àáyá 4.2 péré, bí a bá yọ ìdajì, ó ku 3.7, kò sì ju sílébù 14 lọ. "Ó fi ọ̀bẹ fa òbírí sídìí igbá": 13. Ní báyìí, "ibí" Bàbá ti ní ìtumọ̀.

Ẹ wo "ó" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn, nítorí òun ni pàkúté tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí lédè Yorùbá. "Ó" kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò tilẹ̀ sọ bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan. Ẹni tó ń wòran kì í mọ̀ pé ó ń ṣini lọ́nà, ojú rẹ̀ ti bá a yanjú rẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí láìwòran: "Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nù ún." Ta ló gbà á lọ́wọ́ ta? Ọ̀bẹ la nù ni, àbí ọwọ́? Òfin wa ni pé "ó" wúlò nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ tàbí tó ṣe nǹkan kẹ́yìn gan-an ló ń ṣe nǹkan náà, gẹ́gẹ́ bíi ti òbírí Bàbá. Bí ẹlòmíràn bá ti gbà á ṣe, ẹ dárúkọ: "Ọmọṣẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Bàbá. Ó fi aṣọ nu ọ̀bẹ." Orúkọ kan náà ni kí ẹ máa pe ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá pè é ní Bàbá níbí, tí ẹ wá pè é ní afíngbá lọ́hùn-ún, ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé ẹni kẹta ti wọlé. Ẹ má sì pe orúkọ ẹni kan kí fídíò fúnra rẹ̀ tó pè é, àfi bí orúkọ náà bá wà lára àwòrán.

Àwọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Pupa" wa gbòòrò, ó kó epo pupa mọ́ra, ó kó ilẹ̀ pupa mọ́ra, a tilẹ̀ ń pe ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pupa. "Igbá pupa" kò tíì sọ tó. "Igbá náà pupa bí amọ̀" ti sọ. Ẹ má gé àwọ̀ kúrò pátápátá nítorí pé ẹni náà kò ríran: ọ̀pọ̀ ló ti ríran rí, àwọn tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ náà sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àwọ̀ epo láwùjọ.

Ní ti ìrísí, èdè wa ti ṣe wá lóore. Ribiti, pẹlẹbẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń gbé ìrísí tí gbólóhùn kan ìbá gbé, ọwọ́ tó ti fọwọ́ kan nǹkan rí sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún èyí tó ti ń dájọ́. "Irun rẹ̀ rí wúruwùru" ti bú u. "Irun rẹ̀ gùn, kò yà á" sọ ohun tó wà, ẹni tó ń gbọ́ yóò dá tirẹ̀ rò. Bákan náà ni "inú bí i": ẹ sọ pé ó fajú ro.

Bí ọ̀rọ̀ bá jáde sójú àwòrán, ẹ kà á bó ṣe wà gan-an.

Nígbà tí kò sí àlàfo

Láti ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 50, Bàbá sọ̀rọ̀ láìdúró títí di ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 35. Ó ń sọ bó ṣe kọ́ṣẹ́, kò sì mẹ́nu kan ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà wà níbẹ̀: ó ń fín ilà, ó ń ha àárín wọn títí inú funfun igbá fi yọ.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a sọ ọ́ ṣáájú. Àlàfo kẹta, tó ṣáájú ọ̀rọ̀ gígùn yìí, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 4. Sílébù 14 ló wọ̀ ọ́. "Ó fín ilà ìbú àti òró sára igbá" jẹ́ 14 gẹ́lẹ́. Kò burú bí àpèjúwe bá ṣáájú àwòrán díẹ̀. Ohun tó burú ni kó tú àṣírí: bí fídíò bá ń dẹ ohun kan sílẹ̀ kó lè yani lẹ́nu, ẹ má sọ ọ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ọ̀nà kejì ni kí a dá àwòrán dúró. Ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 35, nígbà tí Bàbá gbé igbá tó ti parí sókè, a gé fídíò sí méjì, a fi àwòrán igbá náà sáàárín kó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá 9, ohùn sì sọ pé: "Ara igbá kún fún onígun mẹ́rin kéékèèké. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Ẹja kan wà láàárín." Sílébù 32, ìṣẹ́jú àáyá 8. Nínú ìlànà WCAG tí àwọn olùṣe ojú ìwé ayélujára ń tẹ̀lé, ohùn àpèjúwe lásán wà ní ìpele AA, nọ́ńbà 1.2.5; èyí tó ń dá àwòrán dúró wà ní AAA, nọ́ńbà 1.2.7. Ẹ má lò ó ju ibi kan tàbí méjì lọ nínú fídíò kúkúrú, ó máa ń sú ẹni tó bá ń wòran pẹ̀lú ẹni tí kò ríran.

Ẹ ṣe ìdádúró yìí kí ẹ tó gba ohùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú àáyá 9 sún síwájú: àlàfo omele wa kò sí ní 3:17 mọ́, ó ti di 3:26. Bí fídíò náà bá ní ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ nísàlẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ sún. Bí ẹ bá ti yí fídíò padà, ẹ yọ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tún sàmì.

Gbígba ohùn sílẹ̀

Ẹ fi gbogbo àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a ó kà, bí òǹkàwé náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé. Bí "igba" bá wà níhòòhò, ó lè jẹ́ igbá, ó lè jẹ́ ìgbà, ó lè jẹ́ igba tó jẹ́ 200, ó lè jẹ́ igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Òǹkàwé tó bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbólóhùn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti ba àlàfo náà jẹ́.

Ẹ yan ohùn tí kò jọ ti ẹni tó wà nínú fídíò. Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ nínú eléyìí, nítorí náà ohùn obìnrin ló yẹ.

Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí dára ju pálọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìsì lọ. Ẹ pa fáànù. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, ẹ dúró di ìgbà tó bá dákẹ́, nítorí ìró rẹ̀ kì í ṣeé yọ tán láìba ohùn jẹ́. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ẹnu, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ lù ú. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni `Noise Reduction` nínú Audacity yóò fi mọ ariwo yàrá, bí ẹ bá tẹ `Get Noise Profile` lórí rẹ̀. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ohùn àárọ̀ àti ohùn alẹ́ kì í bára mu.

Pípo ohùn méjèèjì

Nínú Audacity, ẹ fi ohùn fídíò sókè, ohùn àpèjúwe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, kí ẹ fa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ibi àmì rẹ̀. Ẹ wá yan ohùn fídíò nìkan, kí ẹ lo `Auto Duck`. Yóò máa fa ohùn fídíò wálẹ̀ nígbàkigbà tí àpèjúwe bá ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn àpèjúwe kò bá sí nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Dín-ín-kù −12 dB tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ariwo ọjà mu. Fún omele, a lè lo −9 kí ìlù má baà parẹ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í yí padà, tó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́: `Outer fade down length` àti `Outer fade up length`. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba àyè tí a fi sílẹ̀ ní etí àlàfo wa kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ohùn Bàbá yóò ti máa lọ sílẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "bẹ̀rẹ̀" yóò sì dún bí "bẹ̀…". Ẹ sọ méjèèjì di 0.2.

Ẹ gbé e jáde ní `apopo.wav`, kí ẹ so ó mọ́ fídíò (`igba2.mp4` ni orúkọ èyí tí a ti dá dúró):

```
ffmpeg -i igba2.mp4 -i apopo.wav -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac -b:a 192k igba_apejuwe.mp4
```

Àwòrán kò yí padà, ohùn nìkan ló yí. Ẹ gbé e sórí ayélujára gẹ́gẹ́ bí fídíò kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ kọ "pẹ̀lú ohùn àpèjúwe" sí *ìbẹ̀rẹ̀* orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù sókè kì í fẹ́ dúró gbọ́ orúkọ gígùn tán kó tó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí yóò gbọ́ ọ wò

Ẹni tó ríran tó wá di ojú kò lè ṣe é. Ó ti rí fídíò náà, orí rẹ̀ yóò máa dí gbogbo ihò. Àwọn tí kò ríran kò ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀yọ́: kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà nílùú. Ẹ wá ẹni méjì, ẹni kan tí kò ríran rí àti ẹni kan tó ti ríran tẹ́lẹ̀, kí ẹ san owó àsìkò wọn.

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dára?" Wọn yóò ní ó dára. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ dákẹ́ kí ẹ máa kọ. Bí wọ́n bá sọ pé ẹni mẹ́ta ló wà ní ìsọ̀, ẹ ti pe ẹnì kan ní orúkọ méjì. Bí wọ́n bá sọ pé Bàbá ló nu ọ̀bẹ, "ó" kan wà tó ń ṣini lọ́nà. Bí wọ́n bá fo ibì kan pátápátá, ẹ padà lọ gbọ́ ibẹ̀: ọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju àyè lọ, àbí ohùn fídíò kò lọ sílẹ̀ tó. Bí wọ́n bá sì ní "ẹ̀yin jẹ́ kí n gbọ́ ìlù yẹn dáadáa", ẹ gé gbólóhùn tó wà níbẹ̀ dànù. Tiwa níbẹ̀ ni "Bàbá gbé igbá náà lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Onílù mẹ́ta yí wọn ká", sílébù 21, bó bá di dandan, onílù mẹ́ta ni kó kọ́kọ́ lọ, nítorí etí ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.